Ohun tí kò tíì parí ni kí o kọ́kọ́ kọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣe òṣìṣẹ́ ìṣúná, wọ́n wá gbé mi lọ sí ẹ̀ka tó ń ra ohun èlò. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí n lọ. Ọ̀gá ní kí n kọ ìwé hándófà fún ẹni tó ń bọ̀ wá gba ipò mi. Mo ti kọ ojú ìwé mẹ́jọ lórí bí mo ṣe ń ṣe iṣẹ́ lójoojúmọ́, àmọ́ nígbà tí mo tún un kà, mo rí i pé kò lè gba ẹni náà lọ́wọ́ wàhálà kankan. Kí ló yẹ kó wà níbẹ̀ gan-an?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú iṣẹ́. Má ya ojú ìwé mẹ́jọ yẹn dànù, ẹ̀yìn pátápátá ni kí o so ó mọ́. Bí a ṣe ń to fáúṣà àti bí a ṣe ń kọ lẹ́jà, ẹni tí wọ́n bá gbà sí iṣẹ́ ìṣúná á ti mọ púpọ̀ nínú rẹ̀. Èyí tí kò bá mọ̀, yóò rí i nínú ìlànà ilé iṣẹ́, tàbí kó bi ẹni tó jókòó tì í. Ohun tí kò lè rí kà níbì kankan ni àwọn nǹkan tó wà lágbedeméjì lọ́jọ́ tí o bá dìde lórí àga: owó tó ti kúrò lọ́dọ̀ wa tí kò tíì dé ibi tó ń lọ, bíìlì tí o mọ̀ọ́mọ̀ dá dúró, owó tó wọlé tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tó san án. Iye owó wọn wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n orí rẹ nìkan ni ìtàn wọn wà. Ìtàn yẹn ni ìwé hándófà.

Ìyà ló kọ́ mi. Nígbà tí mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan nígbà kan rí, ìwé tó fi sílẹ̀ fún mi gùn, ó sì mọ́ tónítóní. Mo bá ínfọ́ìsì kan nínú fáìlì àwọn ohun tó yẹ ká san: ẹ̀rọ mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan 12,000, àpapọ̀ 96,000. Gbogbo ìbuwọ́lù tó yẹ ló wà lára rẹ̀. Ọjọ́ tó yẹ ká san án ti kọjá tipẹ́, olùpèsè ń pè mí lójoojúmọ́, ojú sì ń tì mí pé a jẹ ẹ́ lówó. Mo san án. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ẹni tó ń tọ́jú ibi ìkẹ́rùsí bi mí bóyá wọ́n ti yọ owó ẹ̀rọ méjì tó fọ́. Ẹ̀rọ méjì ti fọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, a ti dá wọn padà, olùpèsè sì ti gbà pé òun á fún wa ní kírẹ́díìtì nóòtì 24,000. Ìwé yẹn ni ẹni tó ṣáájú mi ń dúró dè, ìdí nìyẹn tí kò fi san. 72,000 ló yẹ kí n san. Oṣù márùn-ún gbáko ni a fi lé 24,000 yẹn kiri kí a tó rí i gbà. Ẹni tó fi iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́ kọ ìgbésẹ̀ mọ́kànlá tí a ń tẹ̀lé láti san ínfọ́ìsì, kò sì sí èyí tí kò tọ́ nínú wọn. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni kò kọ: “Má san èyí títí kírẹ́díìtì nóòtì yóò fi dé.”

Nítorí náà, kí o tó kọ ohunkóhun mìíràn, fa ìlà. Mú òpin oṣù tó kẹ́yìn kí o tó lọ, kí o sì sọ pé ọjọ́ yìí ni mo ti gbogbo ìwé pa, báláǹsì tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ni mo ń fà lé ọ lọ́wọ́. Bí kò bá sí ìlà, lọ́jọ́ tí ọ́dítọ̀ bá dé, ìwọ á ní tirẹ̀ ni, òun á ní tìrẹ ni, ẹ̀yin méjèèjì á sì gbà gbọ́ pé òótọ́ lẹ ń sọ. Má fa ìlà sí àárín oṣù bí o bá lè yẹra fún un, torí pé ní àárín oṣù, ìwé kò tíì bá ara wọn mu, ohun tí kò bá ara mu kò sì ṣeé fà lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Lẹ́yìn tí o bá fa ìlà, tẹ ìwé tó kó báláǹsì gbogbo àkáǹtì jọ jáde. Àwọn àkáǹtì ìnáwó bíi owó ọkọ̀ tàbí ohun èlò ọ́fíìsì kò fi bẹ́ẹ̀ nílò ọ̀rọ̀. Àwọn tí báláǹsì wọn ń rékọjá láti oṣù kan sí òmíràn ni kí o tẹjú mọ́: báǹkì, owó ọwọ́, àwọn tó jẹ wá lówó, àwọn tí a jẹ lówó, àdífáǹsì òṣìṣẹ́, àti sọ́sípẹ́ńsì, ìyẹn àkáǹtì tí a ń kó owó tí a kò tíì mọ ìdí rẹ̀ sí. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn, ìbéèrè kan ni kí o bi ara rẹ: ṣé mo lè tú báláǹsì yìí sí wẹ́wẹ́, kí ègé kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, ọjọ́ àti ìwé tirẹ̀? Báláǹsì tí o kò bá lè tú, o kò tíì ṣe tán láti fà á lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni kí o ná ọ̀sẹ̀ méjì tó kù sí.

Jẹ́ kí n fi báǹkì hàn ọ́, torí òun ló ń kó ìtàn jọ jù. Ká sọ pé ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún lo fa ìlà sí. Ìwé owó rẹ ní 1,284,500 ló wà ní báǹkì. Sítétímẹ́ǹtì báǹkì ní 1,413,000 ni. Ìyàtọ̀ 128,500 ló wà láàárín wọn. Bí o bá fi wọ́n wéra, wàá rí nǹkan mẹ́rin: sọ̀wédowó mẹ́ta tí a ti kọ tí báǹkì kò tíì rí, 60,000, 45,000 àti 38,500, àpapọ̀ 143,500, owó 20,000 tí o ti kọ sínú ìwé pé ó lọ sí báǹkì àmọ́ tí kò tíì hàn níbẹ̀, 9,000 tó wọ báǹkì tí kò sí nínú ìwé rẹ, àti 4,000 tí báǹkì yọ gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ wọn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á kọ nǹkan mẹ́rin wọ̀nyí sílẹ̀, wọ́n á rí i pé ìṣirò náà bára mu, wọ́n á sì so ó mọ́ ìwé hándófà. Ìyẹn ò tó. Owó iṣẹ́ báǹkì 4,000 kì í ṣe ohun tí à ń fà lé èèyàn lọ́wọ́ rárá. Kọ ọ́ sínú ìwé owó lónìí. Kọ 9,000 náà wọlé, kí o sì fi sí sọ́sípẹ́ńsì. Ìwé owó rẹ á di 1,289,500. Bí o bá mú 1,413,000 ti báǹkì, tí o yọ sọ̀wédowó 143,500, tí o fi 20,000 tó wà lójú ọ̀nà kún un, 1,289,500 náà ni wàá bá. Ní báyìí, ohun tó kù láti ṣàlàyé kò ju ohun tó ń dúró de ẹlòmíràn lọ. Ẹni tó ń bọ̀ kò ní láti ṣe iṣẹ́ tí o yẹ kí o ti ṣe.

Wo àwọn sọ̀wédowó wọ̀nyẹn wàyí. Lójú ìwé, ọ̀kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìtàn wọn yàtọ̀ síra pátápátá. Ti 45,000, ọ̀sẹ̀ tó kọjá la kọ ọ́, ẹni tó gbà á ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sínú báǹkì tirẹ̀ ni. Ìlà kan ti tó fún un. Ti 60,000, oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá la ti kọ ọ́ fún olùkọ́ kan tó wá dá òṣìṣẹ́ lẹ́kọ̀ọ́. Ó ti lé ní oṣù méje. Ọ̀pọ̀ báǹkì kì í san sọ̀wédowó tó bá ti kọjá oṣù mẹ́fà, àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ dúró tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà sọ̀wédowó yẹn ti kú, ṣùgbọ́n gbèsè tó wà nídìí rẹ̀ kò kú. Ohun tó yẹ ni kí a pe olùkọ́ náà, kí a sọ fún báǹkì kó má san án mọ́, kí a dá 60,000 padà sínú ìwé owó, kí a sì kọ ọ́ sí abẹ́ àwọn tí a jẹ lówó. Bí o kò bá ṣàlàyé èyí, mo ti rí ẹni tó gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó sọ owó náà di owó tó wọlé fún ilé iṣẹ́. Èrè oṣù yẹn dára lójú, títí di ìgbà tí olówó dé.

Ti 38,500 ló yẹ kó kó ọ láyà sókè jù. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ. A ti kọ ọ́, àwọn tó yẹ ti buwọ́ lù ú, ṣùgbọ́n o kò tíì fún ẹni tó ni ín torí pé kò tíì dá ìwé àdéhùn padà. Nínú ìwé owó, ó dà bíi pé a ti san án. Lójú ayé, a kò san nǹkan kan. Ẹni tó ń bọ̀ á ka “sọ̀wédowó tí báǹkì kò tíì rí”, á sì jókòó máa retí kó lọ, nígbà tí sọ̀wédowó ọ̀hún wà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì sí orúnkún rẹ̀. Bí ọjọ́ ìlà bá bá irú rẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀, fagi lé e kí o sì dá a padà sínú ìwé. Bí o bá ní ìdí láti má fagi lé e, kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, kí o sì fà á lé ẹni náà lọ́wọ́ lójú ọ̀gá, kó buwọ́ lù ú pé òun gbà á.

Ní ti 20,000 tó wà lójú ọ̀nà, ohun kan ṣoṣo ló yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ọjọ́ tó yẹ kó hàn ní báǹkì. Owó ọwọ́ tí a bá kó lọ báǹkì kì í pẹ́ lójú ọ̀nà. Bí o bá rí i pé owó kan ti wà lójú ọ̀nà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sí lójú ọ̀nà mọ́ o. Yálà ó wọ àkáǹtì ẹlòmíràn, tàbí kò dé báǹkì rárá. Má fa ìyẹn lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ọ̀gá ni kí o gbé e lọ bá kí o tó kúrò.

Mo fi 9,000 sẹ́yìn nítorí pé òun ló jẹ́ kí n máa sọ pé orí rẹ ni ìtàn wà. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e lórí sítétímẹ́ǹtì kò ju `TRF` lọ, kò sí orúkọ. Ṣùgbọ́n ìwọ tó o wà lórí iṣẹ́ rántí pé òṣìṣẹ́ kan gba àdífáǹsì 40,000 lọ sí ìrìn àjò ní oṣù kẹrin, rìsíìtì 31,000 ló mú wá, 9,000 ló kù lọ́rùn rẹ̀. Lẹ́jà àdífáǹsì ní ó jẹ wá ní 9,000. Sọ́sípẹ́ńsì ní owó 9,000 kan wà tí kò ní baba. Ẹni tuntun á rí méjèèjì ní ojú ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì sí ohun tó máa so wọ́n pọ̀ lójú rẹ̀. Ní ìparí oṣù, á tẹ̀ lé ìlànà, á yọ 9,000 nínú owó oṣù òṣìṣẹ́ tó ṣeé ṣe kó ti san án. Bí èmi bá máa kọ ọ́, báyìí ni mo máa kọ ọ́:

“Báǹkì, 9,000, wọlé ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún, kò sí orúkọ. Mo fi sí sọ́sípẹ́ńsì. Mo fura pé owó tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó rìnrìn àjò ní oṣù kẹrin ni (ó gba 40,000, ó mú rìsíìtì 31,000 wá). Mi ò tíì rí ẹ̀rí. Mo ti bi í ní ọjọ́ 28, ó ní òun á wá ẹ̀rí ìfowóránṣẹ́ wá. Kó mú un wá kí ọjọ́ 10 oṣù kẹfà tó kọjá. Má yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ̀ kí èsì tó dé. Ìwé rẹ̀ wà nínú fáìlì àdífáǹsì, fáúṣà 0231.”

Wo bí mo ṣe ya ohun tí mo mọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí mo fura sí. Ìyàtọ̀ yẹn ṣe pàtàkì púpọ̀. Bí o bá kọ ìfura bí ẹni kọ òtítọ́, ẹni tó ń bọ̀ á pa sọ́sípẹ́ńsì rẹ́ láìsí ẹ̀rí, ọ́dítọ̀ á sì bi í ní ohun tí kò lè dáhùn. Bí o kò bá sì kọ ìfura rẹ rárá, o ti kó ìmọ̀ ọdún mẹ́rin lọ. Kọ ìfura nípa owó, ṣùgbọ́n má kọ ìfura nípa ìwà èèyàn. “Rìsíìtì rẹ̀ máa ń pẹ́, kọ ìránnilétí sí i ní ọjọ́ kẹta” dára. “Kò ṣeé gbọ́kàn lé” kò dára, torí pé ìwé yẹn á wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí gbogbo yín bá ti lọ.

Bí mo ṣe ṣe fún 9,000 yẹn ni kí o ṣe fún gbogbo ohun tí kò tíì parí: iye owó, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ìdí tí kò fi parí, ohun tó kù, ẹni tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, ọjọ́, àti ibi tí ìwé wà. Àwọn bíìlì tí o dá dúró ni kí o ṣe tẹ̀ lé báǹkì. Má gbàgbé àwọn ìnáwó tí o ti kọ sílẹ̀ kí ínfọ́ìsì wọn tó dé. Ká ní o ti kọ iná oṣù karùn-ún sílẹ̀ pẹ̀lú ìfojúdíwọ̀n 15,000, tí ínfọ́ìsì 15,600 wá dé ní oṣù kẹfà, ẹni tí kò mọ̀ á kọ 15,600 náà lódindi, iná oṣù kan á sì di 30,600 nínú ìwé. Ìlà kan ló máa gbà á: “Yí 15,000 yìí padà ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà.”

Owó ọwọ́ ní tirẹ̀, kíkà ni a ń kà á, a kì í kọ ọ́ ní ìtàn. Kí ìwọ àti ẹni tó ń bọ̀ jókòó, kí ọ̀gá tàbí ẹlòmíràn wà níbẹ̀, kí ẹ ṣí àpótí. Ká sọ pé 50,000 ni owó pẹ́tì káàṣì tó yẹ kó wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹ ka owó, ẹ rí 18,200. Fáúṣà tí a ti ná jẹ́ 27,650. Ìwé pélébé kan wà pé awakọ̀ gba 4,000 kò sì tíì mú rìsíìtì wá. Àpapọ̀ 49,850. Ó dín 150. Àbúrò mi, má ki ọwọ́ bọ àpò ara rẹ láti fi 150 dí i. Mo mọ̀ pé á máa wù ọ́, torí owó kékeré ni, o sì fẹ́ lọ pẹ̀lú ọlá. Àmọ́ bí o bá fi owó ara rẹ dí i, o ti pa ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an rẹ́, ẹni tó ń bọ̀ kò sì ní mọ̀ pé àpótí yẹn máa ń jò. Ẹ kọ ọ́: ó dín 150, ọjọ́, wákàtí, ìbuwọ́lù ẹni mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni kí o fún un ní kọ́kọ́rọ́, kì í ṣe ṣáájú.

Ohun tó tẹ̀ lé èyí ni àwọn iṣẹ́ tí kì í wáyé lóṣooṣù. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ á kọ́ ẹni tuntun fúnra rẹ̀, ti oṣooṣù á kọ́ ọ kí oṣù kejì tó pé. Ṣùgbọ́n bí ó bá gba iṣẹ́ ní oṣù kẹfà, tí ìbánigbófò ilé iṣẹ́ sì máa ń parí ní oṣù kọkànlá, kò sí ohun tó máa sọ fún un títí ọjọ́ á fi kọjá. Má gbára lé ìrántí rẹ lórí èyí. Mú lẹ́jà oṣù méjìlá tó kọjá, kí o máa wo ìsanwó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o sàmì sí gbogbo èyí tó wáyé lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún. Mo ti ṣe é fún ara mi rí, iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta ni, mo sì bá nǹkan mẹ́ta níbẹ̀ tí mo ti gbàgbé pátápátá pé èmi ni mò ń san wọ́n.

Má sì kọ ọjọ́ tí nǹkan parí nìkan. Ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ni kí o kọ. Bí owó orí òṣìṣẹ́ bá gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ìjọba ní ọjọ́ 10, tí o sì mọ̀ pé àkọsílẹ̀ owó oṣù máa ń pẹ́ ọjọ́ mẹ́ta kó tó dé láti ẹ̀ka òṣìṣẹ́, tí ẹni tó ń buwọ́ lù ú sì máa ń jáde lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ kìíní ni iṣẹ́ yẹn bẹ̀rẹ̀. Òfin lè sọ ọjọ́ 10 fún un. Ìwọ nìkan ló lè sọ ọjọ́ kìíní.

Ó ku àwọn fáìlì Excel. Ọ̀pọ̀ wa ní èyí tí a fi ọwọ́ ara wa ṣe, tí kò sí ẹni tó mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Wo àpapọ̀ tó wà ní ojú ewé àkọ́kọ́ nínú fáìlì àdífáǹsì, fún àpẹẹrẹ:

```
=SUM(Advances!D4:D40)
```

Bí orúkọ bá ti dé ìlà 40, ẹni tó bá kọ tuntun sí ìlà 41 ti kọ ọ́ sí ẹ̀yìn odi. Àpapọ̀ kò ní yí padà, kò sì ní sí àmì àṣìṣe kankan. Ìwọ mọ̀, torí pé o máa ń na fọ́múlà náà lọ́wọ́. Yálà kí o tún un ṣe kí o tó lọ, tàbí kí o kọ ọ́ sí òkè ojú ewé náà, níbi tí ojú máa kọ́kọ́ dé. Fún fáìlì kọ̀ọ̀kan, sọ ohun kan tí a fi ń mọ̀ pé ó péye: àpapọ̀ yìí gbọ́dọ̀ bá báláǹsì àkáǹtì yẹn nínú lẹ́jà mu. Bí kò bá bá a mu, ẹni náà á mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́, bí kò tilẹ̀ tíì mọ ohun tó bàjẹ́.

Ní ti ọ̀rọ̀ ìwọlé, má kọ pásíwọ́ọ̀dù kankan sínú ìwé yẹn, má sì fún un ní tìrẹ láti máa lò fún ìgbà díẹ̀. Gbogbo ohun tó bá ṣe lórí rẹ̀, orúkọ rẹ ló máa jẹ́. Kọ orúkọ ibi tí a ń wọlé sí, irú àyè tí ipò náà nílò níbẹ̀, àti ẹni tí a ń bẹ̀ fún un. Lẹ́tà ìyípadà àwọn olùbuwọ́lù ní báǹkì máa ń pẹ́ ju bí èèyàn ṣe rò lọ, nítorí náà jẹ́ kó jáde lọ́sẹ̀ yìí. Wo orí pẹpẹ báǹkì bákan náà: ìsanwó tí o ti ṣètò tó ń dúró de ìfọwọ́sí, àti èyí tó ń jáde fúnra rẹ̀ lóṣooṣù. Irú èyí tó ń jáde fúnra rẹ̀ yẹn máa ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí àdéhùn tó wà nídìí rẹ̀ ti parí.

Ọ̀rọ̀ tìrẹ sì tún ní tirẹ̀ nínú, torí pé ẹ̀ka tó ń ra ohun èlò lò ń lọ. Lọ́jọ́ tí o bá ti lè pàṣẹ ọjà, o kò gbọ́dọ̀ lè san owó rẹ̀ mọ́, bó ti wù kó kéré tó. Má dúró kí wọ́n rántí láti gba tókìnì báǹkì lọ́wọ́ rẹ. Dá a padà fúnra rẹ, kí wọ́n fún ọ ní ìwé pé wọ́n gbà á, kí o sì kọ ọjọ́ náà sínú hándófà. Bí ìbéèrè bá dìde lórí ìsanwó kan lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìwé kékeré yẹn ló máa gbà ọ́ sílẹ̀. Kọ orúkọ olùpèsè tí ínfọ́ìsì wọn wà nílẹ̀ lọ́jọ́ ìlà pẹ̀lú, torí láti ọjọ́ kejì, ìwọ lo máa máa bá àwọn kan náà dúnàádúrà.

Nígbà tí o bá kọ ọ́ tán, má ní kó kà á kó sì sọ bóyá ó yé òun. Á ní ó yé òun. Fún un ní sítétímẹ́ǹtì oṣù tó kọjá àti ìwé hándófà, kó ṣe ìfiwéra báǹkì náà fúnra rẹ̀, kí ìwọ jókòó tì í kí o má sọ̀rọ̀. Ó máa ṣòro fún ọ láti dákẹ́. Ibi tó bá ti gbé ojú sókè wò ọ́, ibẹ̀ ni nǹkan ti ṣẹ́ kù nínú ìwé rẹ. Fi ìkọ̀wé sàmì sí i, kí o má tíì dáhùn. Bí o bá ní ọjọ́ méjì fún èyí nínú ọ̀sẹ̀ méjì tó kù, ó tó.

Nítorí pé inú ilé kan náà lẹ ṣì máa wà, wọ́n á máa wá bá ọ. Jẹ́ kí ọ̀gá méjèèjì fẹnu kò sí i ṣáájú, bóyá fún ọgbọ̀n ọjọ́, kí ìbéèrè máa wá lórí ímeèlì, kí ẹni tó béèrè sì máa fi ìdáhùn rẹ kún ìwé hándófà fúnra rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá bi ọ́ ní kọ́rídọ̀ tí o sì dáhùn ní kọ́rídọ̀, wọ́n á tún bi ọ́. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, kí ẹ̀yin méjèèjì buwọ́ lu èyí tó kẹ́yìn. Ẹ̀dà kan fún òun, ọ̀kan fún fáìlì ọ́dítọ̀, ọ̀kan fún ìwọ.